Ohun Tí Mo Kọ sí Apá Òsì Ìwé

Bí ẹ bá jí mi lójú oorun báyìí, mo lè pe orúkọ gbogbo ẹni tó wà ní ọ́fíìsì wa nígbà náà, àti ti gbogbo ẹni tó ń gbé agboolé àwọn àna mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, títí kan ẹni tó kàn wá sùn síbẹ̀ fún oṣù méjì. N kò ní kọ ọ̀kankan síhìn-ín. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kú, òkú kò sì lè wá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ìyàwó mi náà ti bá wọn lọ lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti ìwé yìí. Sítáńdáàdì Síìsì ni mo kà dé, ẹ má retí ọ̀rọ̀ àwọn akàwégboyè lẹ́nu mi.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe sinimá fún ìjọba ni mo ti ṣiṣẹ́, sinimá tí ọkọ̀ ń gbé kiri, tí wọ́n ń ta aṣọ funfun sí ìta gbangba kí tọmọdé tàgbà lè wò ó. Iṣẹ́ taipú ni wọ́n gbà mí fún. Òyìnbó gíga kan ni ọ̀gá wa, ojú rẹ̀ a máa pọ́n bí ata bí oòrùn bá ti mú. Ó ti rí i pé mo máa ń ka ohun tí mo bá ń tẹ̀, mo sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìwé kan síwájú mi, ewé mẹ́rin péré. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí olóhùn kan máa sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sinimá dé òpin rẹ̀, nípa omi kànga: bí kànga tí kò ní ọmọrí ṣe ń kó àrùn wọlé, àti bí èyí tó ní ọmọrí ṣe ń gba ilé là. Wọ́n ti tú u sí Yorùbá. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan níbẹ̀ tó sọ ohun tí ojú máa rí nígbà tí etí bá ń gbọ́.

Ọ̀gá ní, "Ohùn lèyí. Bá mi wá ojú fún un."

Ó fa ìlà kan láàárín ìwé láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ olóhùn á wà lápá ọ̀tún bó ṣe wà, èmi á máa kọ àwòrán sí apá òsì, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kó sì dojú kọ gbólóhùn tó bá a lọ gan-an. Kí n kọ ẹni tó wà nínú àwòrán àti ohun tó ń ṣe. Kí n kọ bóyá kámẹ́rà jìnnà, tàbí ó wà ní agbedeméjì, tàbí ó sún mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ nìkan tàbí ojú nìkan fi kún gbogbo aṣọ. Lẹ́tà òyìnbó méjì méjì ni a fi ń gé ìyẹn kúrú. Lẹ́yìn náà, kí n kọ ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Ó ní bó bá ti òkè wo ènìyàn, onítọ̀hún á kéré; bó bá ti ìsàlẹ̀ wò ó, á tóbi; bó bá wà ní ìwọ̀n ojú rẹ̀, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ kan bá máa hàn lójú àwòrán, kí n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, kó má ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, kó sì dúró títí ẹni tí kò mọ̀wé dáadáa fi lè kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára. Mo ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè, mo ń wo aago ara ògiri, kí n lè mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí àwòrán gbọ́dọ̀ fi dúró kí ohùn tó tán. Àwọn tí a jọ ń tẹ̀wé ní mo ti ń ya wèrè.

Ní àkókò yẹn kan náà ni mo ń fẹ́ ìyàwó mi. Agboolé bàbá rẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Mùsùlùmí àtayébáyé ni wọ́n. Bàbá náà jẹ́ télọ̀, agbádá ni ó ń fi òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sí lọ́rùn, ó sì mọ Kéwú dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ ABD. Èmi náà ń kírun, ìyẹn kò ṣèdíwọ́. Ti pé mo jẹ́ Ìjẹ̀bú ni ó ń wò mọ́ mi lára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, a máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwé kíkà. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, á gbé àpótí ìjókòó síwájú wa bí ọlọ́pàá.

"Ìwé wo ni ẹ tilẹ̀ ń kà," Ìyá Àgbà á bi wá, "tó fi jẹ́ ọwọ́ méjì ló ń tọ́ka sí lẹ́tà kan?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Lẹ́tà náà ló le."

"Lẹ́tà ló le àbí ọmọ ló rọ̀? Sún sẹ́yìn, jàre."

Ìyàwó mi kì í yára kàwé. Bó bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀, mo ti kọ́ ọ pé kó fi pẹ́ńsù fi àmì kékeré sábẹ́ ìró kọ̀ọ̀kan, kó tó wá so wọ́n pọ̀. Ìwé kíkà kò pọ̀ lọ́wọ́ wa, nítorí náà mo máa ń mú ìwé kábọ́ọ̀nù láti ọ́fíìsì wá, ẹ̀dà tó máa ń kù lábẹ́. Ó bi mí ohun tí lẹ́tà méjì méjì apá òsì ń sọ. Mo fi gbogbo ìyangàn ṣàlàyé fún un. Mo fi ọwọ́ ṣe kámẹ́rà, mo wò ó láti òkè, mo wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú ṣe rí nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ń lọ pé ìjọba fẹ́ wó ilé ní Èkó, pé àwọn àdúgbò tó há jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé. Àwọn ọkùnrin kan ti wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti ṣéènì gígùn, wọ́n wọn ọ̀nà, wọ́n wọn iwájú ilé, wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Bàbá náà jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Ó ní, "Iṣẹ́ mi nìyẹn. Èmi kì í wọn ènìyàn lásán. Ẹni tó bá ti ń wọ̀n ẹ́, ó fẹ́ gé nǹkan."

Láti ìgbà náà, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó bá mú ìwé àti pẹ́ńsù wọ àdúgbò ti yàtọ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Nọ́ńbà kẹrin ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Gbólóhùn tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ rèé: "Níbi tí ilé bá há mọ́ra, tí èrò sì pọ̀, ibẹ̀ ni àrùn ti ń gbilẹ̀." Mo ní láti wá ojú fún un. Mo di ojú mi, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ibi tí mo mọ̀ jù. Mo kọ ọ́ báyìí: "4. Ọ̀nà jíjìn. Kámẹ́rà wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé iwájú, ó ń wo ìsàlẹ̀. Agboolé kan, òrùlé páànù fara kan ara wọn, aṣọ tí wọ́n sá, èrò ń lọ, èrò ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ lójú àwòrán: ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ."

Agboolé àwọn àna mi ni. Mo tún kọ kànga wọn sí nọ́ńbà kọkànlá, níbi tí olóhùn ti ń yin kànga tó ní ọmọrí, nítorí tiwọn ni mo mọ̀ tó ní ọmọrí onípákó tó ṣe rẹ́gí. "Kámẹ́rà sún mọ́ gan-an. Ọwọ́ obìnrin gbé ọmọrí dé kànga." Mo rò pé mo ń bọlá fún wọn. Ọ̀gá kà á, ó fi pẹ́ńsù pupa kọ "ó dára" sí i, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹsẹ̀ rìn láti ọ́fíìsì dé Ọbáléndé láìmọ̀ pé ó jìnnà. Ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù ewé kejì sọnù lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn. N kò wá a. Mo rò pé mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dé ṣọ́ọ̀bù bàbá, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ lórí ẹ̀rọ. Ó ránṣọ dé etí rẹ̀, ó já òwú, ó wá gbójú sókè.

"Kí ló wà ní nọ́ńbà kẹrin?"

Mo ní, "Nọ́ńbà kẹrin wo, Bàbá?"

"Mo ní kí ló wà níbẹ̀. Ìwọ lo kọ ọ́. Ta ló gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ta ló ń wo ìsàlẹ̀? Òrùlé ta ló fara kan ara wọn?"

Bó ṣe wà nínú ìwé ló kà á láti orí, bí ẹni tó há Kùránì sórí. Bẹ́ẹ̀ kò mọ ABD.

"Bàbá, sinimá ni. Ọ̀rọ̀ omi ni."

"Omi ń bẹ lórí òrùlé ni? Wọ́n fi ṣéènì wọn iwájú ilé mi, wọn kò rí ẹ̀yìn. Ìwọ tí mo jẹ́ kó o wọlé, tí o mọ ibi tí a ń wẹ̀, ìwọ lo wá júwe ẹ̀yìn fún wọn. O tún kọ orúkọ àdúgbò sí i lára, kí wọ́n má bàa ṣìnà."

Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ tó ń kọ́ni níwèé lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ohun tó ń wá."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka àwòrán àti gbólóhùn náà pọ̀ nínú ọkàn mi, bí ẹni tó wà níwájú aṣọ funfun á ṣe gbọ́ ọ, mo rí ohun tí mo ṣe. Apá òsì ti dá apá ọ̀tún lóhùn. Olóhùn ní ibì kan ni àrùn ti ń gbilẹ̀, èmi sì na ọwọ́ sí ilé wọn.

Mo ní, "Bàbá, àṣìṣe mi ni. N kò rò ó."

"Ẹni tí kò rò ó ni wọ́n máa ń rán." Ó gbé abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó yọ ọ́. "Ta ló ń pinnu ohun tó máa dojú kọ ohun?"

"Èmi ni mò ń kọ ọ́. Ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí i."

"Ó dára. Títí ìwé yẹn fi máa yí padà, má tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́. Bí sinimá náà bá jáde bó o ṣe kọ ọ́, wá ọmọ ẹlòmíràn fẹ́."

Ìyàwó mi kò jáde sí mi. Bí mo ṣe ń lọ, akọ̀wé tó máa ń bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà jókòó sábẹ́ ibòòji rẹ̀ ní òdì kejì ọ̀nà, ẹni tí bàbá máa ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ó gbọ́wọ́ sókè kí mi. Mo wò ó. Ta tún ni ó lè ka ìwé mi fún bàbá? Mo rò ó pé mo ti jókòó lẹ́bàá rẹ̀ rí, pé ìwé náà lè ti bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. N kò dá ìkíni rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo tọ ọ̀gá lọ pé mo fẹ́ yí nọ́ńbà kẹrin padà. Ó ní ó ti pẹ́ jù. Alákámẹ́rà ti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé iwájú lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ àárọ̀, wọ́n ti ya á, wọ́n ti ya kànga náà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, nígbà tí wọ́n sọ fún onílé pé omi ni àwọn wá yà, àwòrán méjèèjì sì dára. Ó wá wò mí lójú.

"Ta ló rán ọ?"

Òun náà ti ń fura. Àwọn ará ìlú ti ń kọ ìwé ẹ̀hónú sí ìwé ìròyìn nígbà náà nítorí ọ̀rọ̀ ilé wíwó.

Mo ní, "Kò sí ẹni tó rán mi, Ọ̀gá. Bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ ló nilé."

"Ìyẹn kò tó láti fi ba sinimá jẹ́."

Òótọ́ ló sọ, kò tó. Mo padà sórí àga mi. Mo bẹ alákámẹ́rà pé kó jẹ́ kí n wo àwòrán náà. A mú fíìmù náà síwájú fèrèsé, mo fi gíláàsì tí ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Mo rí òrùlé, mo rí aṣọ, mo rí igi fúrúùtù tó wà láàárín agboolé, èyí tí wọ́n kun ẹ̀fun sí nísàlẹ̀. Mo wo ti kànga. Ọwọ́ tó gbé ọmọrí ni mo mọ̀ kí n tó mọ nǹkan mìíràn. Ọwọ́ ìyàwó mi ni. Lẹ́yìn ọwọ́ náà, igi fúrúùtù kan náà, ẹ̀fun kan náà.

Mo gbé e tọ ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo igi yìí ní nọ́ńbà kẹrin. Ẹ wò ó ní nọ́ńbà kọkànlá."

Ó wo méjèèjì.

Mo ní, "Ènìyàn wa kì í gbàgbé igi. Ní kẹrin, a ní ibí ni àrùn wà. Ní kọkànlá, a ní kànga ibí yìí ló dára. Wọ́n á ní: kànga tó ní ọmọrí náà kò gbà wọ́n, kí la fẹ́ fi ọmọrí ṣe? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ sílé."

Ó gbé gíláàsì náà sójú pẹ́. Ó ní, "Ìyàwó lo ń wá, ìwọ ọkùnrin yìí." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ. Kí la máa fi sí kẹrin?"

Mo ti rò ó. Kànga burúkú tó wà nínú sinimá náà, àwa fúnra wa la gbẹ́ ẹ sẹ́yìn ọ́fíìsì, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ya okùn rẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀, tí eṣinṣin bò. Mo kọ ọ́: "4. Kámẹ́rà sún mọ́ gan-an. Okùn nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, eṣinṣin. Kò sí ọ̀rọ̀ lójú àwòrán." Ọ̀gá ní kí àwòrán agboolé má ṣòfò, nítorí náà mo gbé e lọ sí ìparí, sí nọ́ńbà kẹrìndínlógún, kó dojú kọ gbólóhùn yìí: "Ilé tí kànga rẹ̀ bá ní ọmọrí, àlàáfíà ló ń gbé ibẹ̀." Mo yọ ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ kúrò, mo kọ BO KÀNGA RẸ síbẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ sí i. N kò gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi parí sinimá náà, ojoojúmọ́ ni mo ń yọjú sí yàrá tí wọ́n ti ń gé fíìmù, bóyá ẹnì kan ti dá a padà.

Nígbà tí ọkọ̀ sinimá dé àdúgbò wọn, mo ránṣẹ́ sí bàbá pé kí wọ́n wá wò ó. Gbogbo agboolé jáde. Bàbá kò jókòó. Ó dúró sẹ́yìn, ó káwọ́ gbera. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyàwó mi wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí olóhùn bẹ̀rẹ̀ sí sọ gbólóhùn kẹrin, mo rí bí àgbọ̀n bàbá ṣe le. Okùn ló jáde. Okùn àti eṣinṣin. Ìyá Àgbà tutọ́ sílẹ̀.

A dé kẹrìndínlógún. Àwọn ènìyàn pariwo: "Ilé wa! Ẹ wo ilé wa!" Ẹnì kan ń kígbe pé òun rí bùbá òun lórí okùn.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún ti òkè wò wá," ó wí. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Bo kànga rẹ, Bàbá."

"Kà á lẹ́ẹ̀kejì."

Mo kà á. Ó yí ojú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀?"

Ìyàwó mi wo aṣọ funfun náà, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Mo rò pé ó kàn ń gbè mí lẹ́yìn ni.

Bàbá ní, "Kí àwọn ènìyàn rẹ wá kí wa." Ó lọ sílé. Títí ó fi kú, kò yé fura sí mi pátápátá. Bí mo bá mú pẹ́ńsù jáde níwájú rẹ̀, á béèrè ohun tí mo fẹ́ kọ. Ilé náà wó nígbẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe wó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe sinimá wa ló wó o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n fi Kùránì búra, n kò ní fi ọwọ́ lé e.

Ẹni tí èmi kò dẹ́kun láti fura sí ni akọ̀wé yẹn. Mo gbé ìyàwó, mo bímọ, n kò kí i. Nígbà tí ó wá sí ìkómọ àkọ́bí wa, mo yí ẹ̀yìn sí i. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé ọkùnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi; ìyàwó mi á wolẹ̀, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, Bàbá wọn." Gbogbo ìgbà ni ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé náà kú, n kò lọ sí ìsìnkú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ọmọ ní kí a ṣí àpótí ìyá wọn. Lábẹ́ ìró àti bùbá rẹ̀, nínú bébà ìwé ìròyìn, mo rí ewé ìwé kan tó ti pọ́n. Ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù ni, ewé kejì. Ìlà náà wà láàárín. Nọ́ńbà kẹrin wà níbẹ̀ bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òrùlé, aṣọ. Abẹ́ ìró kọ̀ọ̀kan ní àmì pẹ́ńsù kékeré, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí mo ṣe kọ́ ọ, títí dé ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ. Wọ́n dúró níbẹ̀. Kò ka ìyókù.

Mo fura sí gbogbo ẹni tó mọ̀wé ní àdúgbò yẹn, àfi ẹni tí mo kọ́ ní ìwé.

N kò bínú sí i. Bí kò bá kà á fún bàbá rẹ̀, ǹ bá ti fi ọwọ́ ara mi na ìka sí ilé wọn níwájú gbogbo Èkó. Ṣùgbọ́n mo jókòó ti ewé náà títí wọ́n fi pe ìrun, mo ń bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ kí n gbé ìkíni ọkùnrin yẹn sọ́rùn títí.

Ní ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Èbúté Èrò, níbi tí wọ́n sọ fún mi pé àkọ́bí akọ̀wé náà ń gbé. Àgbàlagbà ni òun náà báyìí. Ó bi mí ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tí mo fẹ́, ojú tó fi wò mí kò yàtọ̀ sí ojú tí mo fi wo bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Bàbá yín kí mi lọ́jọ́ kan. Mo wá dáhùn."